Ímeèlì Mẹ́ta Tí A Fi Ń Sin Gbèsè

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ jù, olówó lè rán ológò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Samuel Johnson ṣàlàyé iṣẹ́ náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ológò á lọ dógò ti onígbèsè nílé rẹ̀, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa gba oúnjẹ, á sì máa gbé adìẹ ilé pa jẹ, títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú gbogbo ará ilé tí wọ́n á wá owó náà jáde. Owó á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ tún jọ ṣòwò pọ̀.

Oníṣẹ́ òde òní kò ní ológò. Ínfọ́ìsì ló ní, àti àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dákẹ́ fún oṣù mélòó kan nítorí ojú. Nígbà tí inú bá wá ru, wọ́n á kọ ìwé kan tó kún fún èébú. Àwọn tó mọ ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ń kọ, èkejì á le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta á le ju èkejì lọ, síbẹ̀ ìkíni àti “ẹ jọ̀wọ́” kò ní kúrò nínú ọ̀kankan. Ọjọ́ tí a dá, ẹni tí a kọ̀wé sí àti ìgbésẹ̀ tó kàn ni wọ́n ń jẹ́ kó le sí i. Ohùn wọn kì í yí padà. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo.

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni ibẹ̀ nílùú Èkó. Ká sọ pé obìnrin tó ni ín tẹ ìwé ìléwọ́ 600 fún iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ₦1,400 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦840,000. Wọ́n san ìdajì sílẹ̀, ó ku ₦420,000. Ó kó ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà 2025, òṣìṣẹ́ wọn sì buwọ́ lu ìwé pé àwọn gbà á. Ínfọ́ìsì 047 sọ pé kí wọ́n san ìyókù láàárín ọjọ́ 14, ìyẹn ni 17 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ pé, owó kò wọlé.

Kó tó kọ ohunkóhun, ó kọ́kọ́ yẹ kó wo ínfọ́ìsì tirẹ̀. Ṣé orúkọ iléeṣẹ́ náà pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́? Ṣé nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ iṣẹ́ wà lórí rẹ̀? Ta ló fi ránṣẹ́ sí? Ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni kọ́ ló ń sanwó. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá sọnù lórí ínfọ́ìsì, akọ̀wé owó lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ìwé àkọ́kọ́ kì í fi í ro ibi sí oníbàárà.

Ìwé àkọ́kọ́: Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹfà

Àkòrí: *Ínfọ́ìsì 047, ₦420,000, tó yẹ ní sísan ní 17 oṣù Kẹfà*

“Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ẹ gbé iṣẹ́ ìwé ìléwọ́ yín fún wa. Ọjọ́ pé lórí ínfọ́ìsì 047, ₦420,000, ní 17 oṣù yìí, a kò sì tíì rí i nínú àkáǹtì wa. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lọ́nà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun, kò sí wàhálà mọ́. Bí ohun kan bá ń dá a dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ká lè tún un ṣe. A tún fi ínfọ́ìsì náà sínú ìwé yìí kó má baà ni yín lára láti wá a.”

Ó kọ “a kò tíì rí i”, kò kọ “ẹ kò tíì san”. Bí báńkì ló fa ìdádúró, kò ní sí ẹni tí yóò tọrọ àforíjì. Nọ́ńbà àti iye owó wà nínú àkòrí, nítorí náà akọ̀wé owó mọ ohun tí ìwé náà dá lé kó tó ṣí i. Ọjọ́ méjì péré ló fi jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá dúró oṣù méjì kó tó kọ ìwé àkọ́kọ́ ti fi han oníbàárà pé ọjọ́ tí òun kọ sórí ínfọ́ìsì kò ní ìtumọ̀.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé yìí: nọ́ńbà àkáǹtì tuntun. Àwọn oníjìbìtì a máa já wọ inú ímeèlì iléeṣẹ́ láti kọ ọ́ pé “àkáǹtì wa ti yí padà, ibí ni kí ẹ san án sí”. Akọ̀wé owó tó gbọ́n á dá owó dúró bó bá ti rí irú rẹ̀. Àkáǹtì tó wà lórí ínfọ́ìsì ni kí ó wà títí dé òpin.

Ìwé kejì: Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Orí ìwé àkọ́kọ́ ló ti ń fèsì, kí ẹni tó bá ṣí i lè rí èyí tó ti lọ tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Ó tún fi ẹ̀ka ìṣirò owó sí orí ìlà CC.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní 19 oṣù Kẹfà ni a kọ̀wé sí yín lórí ínfọ́ìsì 047, a kò sì tíì gbọ́ èsì. Lónìí, owó náà, ₦420,000, ti fi ọjọ́ 16 kọjá àkókò rẹ̀. Ìwé tí òṣìṣẹ́ yín buwọ́ lù nígbà tó gba ẹrù ní 3 oṣù Kẹfà wà nínú èyí. Ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san án fún wa. Bí ẹ bá rí àbùkù kan nínú iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ sí wa kó tó di ọjọ́ yẹn kan náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ó fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, a ṣe tán láti jọ sọ ọ́.”

Àwíjàre “bóyá ó ti wà lọ́nà” ti kúrò níbẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ béèrè bóyá ohun kan ń ṣẹlẹ̀. Èyí béèrè ọjọ́. Bí èsì bá dé pé “a ti rí i, a ń ṣiṣẹ́ lé e lórí”, ìyẹn kò tíì sọ ọjọ́. Kí ó fèsì lọ́jọ́ náà gan-an: “Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ wo ni ká máa retí rẹ̀?” Bí wọ́n bá fi fóònù ṣèlérí, kí ó kọ ímeèlì kékeré tẹ̀ lé e: “Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ láàárọ̀ yìí, ẹ ó san án ní ọjọ́ báyìí.” Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé sẹ́, ìwé tí wọn kò ta kò á dúró.

Nígbà mìíràn, ìwé kejì ló ń jẹ́ kí ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà jáde. Ká sọ pé wọ́n fèsì pé yíǹkì pòórá lára 40 nínú ìwé náà. Má ṣe fi ìwé kẹta ṣe ìdáhùn sí ìyẹn. Yọ èyí tí à ń jà lé lórí sọ́tọ̀. Ogójì ìwé ní ₦1,400 jẹ́ ₦56,000. Ìyókù, ₦364,000, kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san ₦364,000 náà ná, kí òun sì wá wo 40 tó kù bóyá òun á tún un tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti san èyí tí kò lẹ́jọ́ nínú, á mọ̀ pé yíǹkì kọ́ ni wàhálà.

Ìwé kẹta: Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà ni ìwé yìí ń lọ bá, àwọn tó gba ti tẹ́lẹ̀ á sì wà lórí ìlà CC.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìwé ìléwọ́ 600 dé ọwọ́ yín ní 3 oṣù Kẹfà. Ìyókù owó rẹ̀, ₦420,000, yẹ ní sísan ní 17 oṣù Kẹfà. A kọ̀wé sí yín ní 19 oṣù Kẹfà àti ní 3 oṣù Keje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí owó náà wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Keje. Bí a kò bá rí i, a máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré ní Ìpínlẹ̀ Èkó, a kò sì ní lè gba iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ yín títí èyí á fi parí. Ìfẹ́ wa ni pé kó má dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ fúnra yín, nọ́ńbà mi wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí “ẹ ti já wa kulẹ̀”. Ọjọ́ ló tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó le nítorí pé ohun tó sọ pé òun máa ṣe ṣeé ṣe. Ní 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ májísíréètì fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Olówó lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ètò náà sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún onígbèsè ní ìwé ìbéèrè owó lórí fọ́ọ̀mù tí ilé ẹjọ́ là sílẹ̀ fún un. Ímeèlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rọ́pò fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù.

Ìhàlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ síbẹ̀ ni “màá fi ọlọ́pàá mú yín”. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kà á léèwọ̀ láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ ti fi han lọ́yà oníbàárà pé òun kò mọ̀nà. Bákan náà ni èlé. Bí kò bá sí nínú àdéhùn tí ẹ jọ ṣe, má ṣe ṣàdédé bu èlé lé ínfọ́ìsì. Ní Bìrìtéènì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1998 jẹ́ kí oníṣòwò tó jẹ́ olówó gba èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí iye tí báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ fi ń ṣe ìpìlẹ̀ èlé. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè tọ́ka sí i nínú ìwé kejì wọn.

Bí 31 oṣù Keje bá wá kọjá láìsí owó ńkọ́? Kí ó má kọ ìwé kẹrin. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti sọ fún onígbèsè pé ọjọ́ tí òun dá kì í ṣe ọjọ́, ìwé mẹ́ta ìṣáájú sì ti di òfo. Ní ọjọ́ kejì gan-an, kí ó lọ gba fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó. Ẹ̀yin náà, bí ẹ kò bá tíì ṣe tán láti lọ gbà á, ẹ má tíì fi ìwé kẹta ránṣẹ́.