Odidi Tòlótòló Nínú Ófùnù

Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́, odidi tòlótòló yíyan sì ni àgbà oúnjẹ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lọ́hùn-ún náà ti ń yan tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ní ilé ìyá wọn yàtọ̀ sí èyí. Gígé ni wọ́n máa ń gé ẹran náà, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á dín in, kó tó dé inú ọbẹ̀. Ẹran tí wọ́n ti gé kì í pẹ́ jinná. Ní ti odidi, yìnyín kì í tètè kúrò nínú rẹ̀, ooru kì í sì í tètè dé ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi tòlótòló dídì sínú fíríìjì fún odindi ọjọ́ kan fún pọ́nùn mẹ́rin sí márùn-ún tó bá wọ̀n. Ká ní pọ́nùn 15 ni, ìyẹn nǹkan bíi kílò méje. Ó máa gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá kúrò nínú fírísà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú á ti yọ́ tán ní alẹ́ Ọjọ́rú. Inú páànù tó jinlẹ̀, ní ìsàlẹ̀ fíríìjì, ni kó wà, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn.

Gbígbé e sílẹ̀ lórí tábìlì léwu. Ara rẹ̀ lóde á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò àrùn á sì ti máa pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí inú ṣì dì gan-an. Bí ilẹ̀ Ọjọ́rú bá ṣú tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, omi tútù ni àbọ̀. Kí wọ́n rì í sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pọ́nùn kan ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí náà, pọ́nùn 15 á gba wákàtí méje àbọ̀. Ẹran tí wọ́n bá fi omi yọ́ báyìí gbọ́dọ̀ wọ ófùnù lójú ẹsẹ̀.

Kó tó wọ ófùnù, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ àti ọ̀nà ọrùn rẹ̀: iwe, ẹ̀dọ̀ àti ọrùn sábà máa ń wà níbẹ̀ nínú àpò kékeré. Kò yẹ kí wọ́n ṣàn án lómi, torí omi tó ń ta á máa gbé kòkòrò kiri ilé ìdáná. Kí wọ́n nu ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi òróró, iyọ̀, ata àti táìmù pa á. Ó tún yẹ kí wọ́n ka ohun tó wà lára ọ̀rá rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti fa omi oníyọ̀ sínú rẹ̀.

Ófùnù á ti gbóná dé dígírì 325 Fárẹ́náìtì, ìyẹn nǹkan bíi 163 Sẹ́ńtígíréèdì. Bí oúnjẹ bá jẹ́ ti aago mẹ́ta ọ̀sán, kí tòlótòló wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, torí ó máa lò tó wákàtí mẹ́rin bí wọn kò bá ki nǹkan sí i nínú.

Àyà rẹ̀ ló máa ń fa wàhálà. Òun ló wà lókè, òun ló ń kọ́kọ́ pọ́n, ó sì máa ń gbẹ nígbà tí itan kò tíì jinná. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí oyin, lẹ́yìn bíi wákàtí méjì àbọ̀, kí wọ́n ká bébà fọ́ìlì bí àgọ́ lé àyà náà lórí, kí wọ́n fi itan sílẹ̀. Kí fọ́ìlì náà má fún mọ́ ọn, torí oruku omi tó bá há sábẹ́ rẹ̀ á sọ awọ tó ti le di rírọ̀.

Àwọ̀ kò tó láti fi mọ̀ bóyá ó jinná, omi tó ń ti ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú kò tó. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru ni kí wọ́n gún mọ́ ibi tó nípọn jù ní àyà, inú itan lọ́hùn-ún àti inú apá. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé 165 Fárẹ́náìtì, ìyẹn 74 Sẹ́ńtígíréèdì. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá kan egungun, iye tó máa fi hàn kò ní ṣeé gbára lé.

Bó bá ti jáde, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lábẹ́ fọ́ìlì tí kò fún. Bí ẹran bá ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń ki, tó sì ń dúró sínú ẹran. Bí wọ́n bá gé e lójú ẹsẹ̀, orí pákó ni omi náà máa dà sí. Lẹ́yìn ìsinmi, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ itan, kí wọ́n bó àyà kúrò lára egungun, kí wọ́n wá gé e ní ìbú. Èyí tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ti wà nínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, ní gígé, kì í ṣe odidi, kó lè tètè tutù dénú.