Táyé Kì í Ṣe Kẹ́hìndé: Bí Ojú-Ewé Kẹtàdínlógún Ṣe Ń Sọnù Lórí Ìkànnì

Ká fi ìkànnì kan tó ń kó ìtàn ìlú jọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ni ín ti kọ nípa Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú-Òde, Kétu àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, títí ìtàn náà fi pé 240. WordPress ló fi kọ́ ìkànnì náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì yí ètò rẹ̀ padà, ìtàn 10 ni WordPress máa ń tò sójú ewé kan. Àkójọ náà wá di ojú-ewé 24. Ìtàn tuntun ló ń wà níwájú, èyí tó pẹ́ jù lọ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Àdírẹ́sì wọn rí báyìí:

```
https://example.com/itan-ilu/
https://example.com/itan-ilu/page/2/
https://example.com/itan-ilu/page/17/
```

Lọ́jọ́ kan, ẹni náà ṣàkíyèsí pé ojú-ewé àkọ́kọ́ nìkan ló ń jáde lórí Google nínú gbogbo àkójọ náà. Àwọn 23 tó kù kò jáde rárá. Ìlà kan ṣoṣo ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fara pamọ́ sínú kóòdù gbogbo ojú-ewé náà, títí kan ìkẹtàdínlógún:

```
<link rel="canonical" href="https://example.com/itan-ilu/">
```

Kí ni ìlà yìí ń sọ? Ní oṣù kejì ọdún 2009 ni Google, Yahoo àti Microsoft jọ kéde rẹ̀, nítorí ìṣòro kan tó ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu: ohun kan náà a máa ní àdírẹ́sì púpọ̀ lórí ayélujára. Bí ẹnìkan bá pín ìtàn Ọ̀fà lórí WhatsApp, àdírẹ́sì rẹ̀ lè gba ìrù `?utm_source=whatsapp`, kí onímọ̀-kíkà lè mọ ibi tí àwọn àlejò ti wá. Ìtàn náà kò yí padà, àdírẹ́sì rẹ̀ ló di méjì lójú ẹ̀rọ. Àmì `canonical` wá ń sọ fún ẹ̀rọ ìṣàwárí pé nínú gbogbo àdírẹ́sì wọ̀nyí, èyí ni kí ó fi mọ ohun náà. Bí obìnrin kan bá ń jẹ́ Àjọkẹ́ nílé, tó ń jẹ́ Bísí níbi iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ṣì ni. Àmì náà ń sọ orúkọ tí a ó kọ sínú ìwé.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti wọlé. Ojú-ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹtàdínlógún kì í ṣe Àjọkẹ́ àti Bísí. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n: aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, orí ìkànnì kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ìtàn 10 tó wà lára èkínní kò sí lára èkejì. Ẹni tó bá kọ àdírẹ́sì ojú-ewé àkọ́kọ́ sórí ìkẹtàdínlógún ń sọ fún Google pé kò sí Kẹ́hìndé, pé Táyé nìkan ni a bí. Bí Google bá gbà á gbọ́, kò ní fi ojú-ewé náà sínú àkójọ rẹ̀, kò sì sí ìdánilójú mọ́ pé yóò máa tọ líǹkì tó wà níbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìtàn àtijọ́. Ìtàn tí líǹkì mìíràn tọ́ka sí lè ṣì di rírí. Èyí tí kò ní ọ̀nà mìíràn ló wà nínú ewu.

Mo ní “bí Google bá gbà á gbọ́” nítorí pé àbá ni àmì yìí jẹ́, kì í ṣe àṣẹ. Google a máa fi ojú-ewé méjèèjì wé ara wọn, ó sì lè kọ ohun tí àmì náà wí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí onílé máa retí pé àlejò yóò mọ̀ pé irọ́ ni àkọlé ẹnu ọ̀nà òun ń pa. Ìmọ̀ràn Google fúnra rẹ̀ ṣe kedere: kí a má fi ojú-ewé àkọ́kọ́ ṣe `canonical` fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Kí olúkúlùkù tọ́ka sí ara rẹ̀.

```
<link rel="canonical" href="https://example.com/itan-ilu/page/17/">
```

Ìlà yìí kan náà ni yóò wà níbẹ̀ bí ẹnìkan bá fi ìrù WhatsApp dé ojú-ewé kẹtàdínlógún. Àmì náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

WordPress fúnra rẹ̀ kì í fi àmì yìí sórí ojú-ewé àkójọ. Orí ìtàn kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi í sí. Nítorí náà, bí èyí tó lòdì bá wà lórí àkójọ, inú ètò àfikún tàbí inú aṣọ tí a wọ̀ fún ìkànnì náà ni kí a ti wá a.

Àwọn kan yóò ní àwọn ti fi `rel="next"` àti `rel="prev"` so àwọn ojú-ewé náà pọ̀. Lóòótọ́, ní 2011 ni Google ní òun ń lò ó, ṣùgbọ́n ní 2019 ó kéde pé òun kò lò ó mọ́ fún ètò àkójọ òun. Ohun tí Google ń tọ̀ ni líǹkì gidi, irú èyí tó ní `<a href>`. Kì í tẹ bọ́tìnì, nítorí náà bí bọ́tìnì “Fi púpọ̀ sí i hàn” nìkan bá ló wà nísàlẹ̀, ìtàn 10 àkọ́kọ́ ni yóò rí. Bí líǹkì “Tó kàn” nìkan bá sì ló wà, ìgbésẹ̀ 23 ni láti ojú-ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹrìnlélógún. Kí a to nọ́ńbà díẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ti ìgbẹ̀yìn, ọ̀nà náà yóò sì kúrú.

Àkọlé ńkọ́? Google ní kò burú bí gbogbo ojú-ewé àkójọ kan bá ní àkọlé kan náà. Ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ṣí ojú-ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń jẹ́ “Ìtàn Ìlú”, kò ní mọ èyí tó ń kà tẹ́lẹ̀. Èyí sàn jù:

```
<title>Ìtàn Ìlú, Ojú-ewé 17 | Orúkọ Ìkànnì</title>
```

Nọ́ńbà náà ṣáájú orúkọ ìkànnì, nítorí ìdí àkọlé ni a máa ń gé bí ó bá gùn jù. Kí a má kọ “17 nínú 24”, nítorí bí 24 bá di 25, gbogbo àkọlé ni yóò yí padà. Kí a má sì fi orúkọ ìlú kan sínú rẹ̀. Bí ẹni náà bá kọ ìtàn tuntun 10, gbogbo ìtàn ojú-ewé kẹtàdínlógún ti ṣí lọ sí ìkejìdínlógún. Ẹni tó ń wá ìtàn Kétu yẹ kó dé àdírẹ́sì ìtàn Kétu gan-an. Ọ̀nà ni àkójọ jẹ́.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, kí a ṣí ojú-ewé kejì, kí a tẹ Ctrl+U, kí a wá ọ̀rọ̀ náà `canonical`. Ẹyọ kan ni ó yẹ kó wà, láàárín `<head>`, kó sì parí sí `/page/2/`. Nínú Search Console, kí a fi àdírẹ́sì náà sínú URL Inspection, kí a wo “User-declared canonical” àti “Google-selected canonical”. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, Google kò gba ohun tí a sọ. Lẹ́yìn náà, kí a kọ `/page/25/`, tí kò sí, sínú aṣàwákiri. Èsì 404 ló yẹ kó jáde. Bí ojú-ewé àkọ́kọ́ bá tún fara hàn níbẹ̀, ìkànnì náà ti ń bí ọmọ tí kò ní orúkọ, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí Google tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.