Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun: Iye Wo Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ Wá Lóminú?

Àwọn kókó ọ̀rọ̀

- Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun máa ń lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn ìbí, lẹ́yìn náà ni yóò tún gòkè.
- Bí iye náà bá kéré sí 45 mg/dL (2.5 mmol/L), ó yẹ kí a gbé ìgbésẹ̀. Bí ó bá kéré sí 25 mg/dL (1.4 mmol/L), ọ̀ràn pàjáwìrì ni.
- A kì í fi iye nìkan ṣe ìdájọ́. Ọjọ́ orí ọmọ náà ní wákàtí àti ìrísí ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ìtumọ̀ iye náà.

Ìdí tí ṣúgà fi ń lọ sílẹ̀

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ṣúgà ń ti ara ìyá rẹ̀ wọlé fún un láti inú ibi ọmọ, láìdáwọ́ dúró. Ní kété tí a bá gé ìwọ́, ọ̀nà yẹn ti dí. Ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣúgà tí ó ti kó pamọ́ sílẹ̀, títí omi ọyàn yóò fi máa wọlé dáadáa. Láàárín àkókò yìí, ṣúgà ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá lè lọ sílẹ̀ gan-an fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, a kì í yẹ ṣúgà ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, tí ara rẹ̀ le, tí ó sì ń mu ọmú dáadáa wò.

Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni àwọn tí ohun tí wọ́n kó pamọ́ kò tó, tàbí tí ara wọn ń ná ṣúgà ní ìnákúnàá. Lára wọn ni ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò méjì àbọ̀, ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ọmọ tí òtútù mú, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ó sábà máa ń tóbi, tí ó sì máa ń dà bí ẹni tí a bọ́ yó. Ṣúgà púpọ̀ tí ó ti ara ìyá wá ti mú kí ara ọmọ náà máa ṣe ínsúlínì lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí a gé ìwọ́, ṣúgà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ínsúlínì kò tíì dáwọ́ dúró.

Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i. Kí ó tó mu ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí, ni a ó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí àmì àìlera bá ti hàn, a kì í dúró de wákàtí kankan.

Ẹ mú kí gìgísẹ̀ ọmọ náà móoru, kí ẹ fi sípírítì nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, nítorí sípírítì tí ó bá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ lè yí iye náà padà. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ni a ń gún, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, kí ẹ má sì fún ẹsẹ̀ náà pọ̀.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ń ka mg/dL, àwọn mìíràn ń ka mmol/L. Ẹ fi 18 pín ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó rí èkejì. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ilé àyẹ̀wò lè kọ ọ́ ní g/L, 0.45 g/L sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú 45 mg/dL. Bí LO bá hàn lójú ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣúgà náà kéré ju iye tí ó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ lè kà.

Ẹ̀rọ ìfọwọ́mú ti àwọn àgbàlagbà kì í péye tó nígbà tí ṣúgà bá kéré gan-an, ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí ó ki sì lè mú kí ó ka iye tí ó kéré ju òótọ́ lọ. Ó dára kí a fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí a lè mọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ó tètè dé ibẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń jẹ ṣúgà tí ó wà nínú ìgò náà lọ. A kò sì gbọdọ̀ torí èsì yẹn dá ìtọ́jú dúró.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ nínú oyún. Ó wọn kílò 4.2, ó sì mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ní wákàtí kẹta, ẹ̀rọ ka 34 mg/dL. Ojú ọmọ náà dá, ara rẹ̀ móoru, ó sì ń wá ọmú.

Agbẹ̀bí gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, ó fún un ní ọmú lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fún omi ọyàn àkọ́kọ́ sínú ife kékeré láti fi kún un. Ìyá náà béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé nítorí pé omi ọyàn mi kéré ni?" Agbẹ̀bí dá a lóhùn pé, "Rárá o, Màmá. Ínsúlínì tí ó wà lára rẹ̀ ló ń jẹ ṣúgà náà. Kí ẹ máa fún un lọ́mú léraléra ni yóò gbà á." Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀rọ ka 41. Kí ó tó mu ọmú tí ó tẹ̀ lé e, ó ka 52, lẹ́yìn náà 58. Nígbà tí iye bá ti ju 45 lọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ọkàn ń balẹ̀. Síbẹ̀ a ó máa yẹ irú ọmọ yìí wò fún ó kéré tán wákàtí 12, a ó sì máa yẹ ọmọ tí ó kéré wò fún wákàtí 24.

Ká ní 34 yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n tí ara ọmọ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tí ó ń gbọ̀n, tí kò lè mu ọmú, tí mímí rẹ̀ ń dúró, tàbí tí gìrì mú un, ìtọ́jú rẹ̀ yóò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ní ẹ̀rọ ka 22, bí ó ti wù kí ojú ọmọ dá tó. A ó fún un ní omi ṣúgà 10% gba inú iṣan, mílílítà 2 fún kílò kan. Fún ọmọ yìí, ó jẹ́ mílílítà 8.4, tí a ó rọra fi ìṣẹ́jú márùn-ún tì sínú rẹ̀. Omi ṣúgà 50% kò gbọdọ̀ wọ inú iṣan ọmọ tuntun láìbù ú là. A ó tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó sì jẹ́ kí omi ṣúgà máa kán sí i lára lọ, nítorí pé bí a bá dúró lórí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ṣúgà lè tún já wálẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí iṣan, a ó gba inú rọ́bà tí a tì bọ ikùn fún un, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lára ìyá rẹ̀, nínú ooru.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì

Iye tí a lè gbà ní wákàtí kẹta kò tún ṣeé gbà ní ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn wákàtí 48, a ń retí kí ṣúgà ọmọ ju 60 mg/dL (3.3 mmol/L) lọ. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń mu ọmú dáadáa, ó lè jẹ́ pé àìsàn kan wà nídìí rẹ̀, pàápàá àkóràn tàbí ínsúlínì tí ó pọ̀ jù. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má ṣe lọ sílé kí dókítà tó wò ó.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dé ilé, ọmọ tuntun yẹ kí ó mu ọmú ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ láàárọ̀ dé alẹ́ àti òru. Bí ó bá ṣòro láti jí i, tí ó kọ ọmú nígbà méjì léra wọn, tàbí tí ara rẹ̀ tutù, tí ó sì ń gbọ̀n, ẹ fún omi ọyàn díẹ̀ sí i lẹ́nu bí ó bá lè gbé e mì, ẹ dì í mọ́ àyà, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Ṣúgà tí ó bá wà nílẹ̀ pẹ́ lè ba ọpọlọ jẹ́.