Ṣé o mọ̀? Bébà búlúù kan ṣoṣo kò tó láti dá álíkálì mọ̀

Ti bébà lítímọ́ọ̀sì búlúù bọ omi iyọ̀, búlúù náà ni yóò wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé álíkálì ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá! Ohun tí bébà yẹn fi hàn kò ju pé omi náà kì í ṣe ásíìdì lọ. Mú bébà pupa, kí o ti òun náà bọ̀ ọ́. Bí pupa rẹ̀ kò bá yí padà, a jẹ́ pé omi náà kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe álíkálì. Omi eérú ní tirẹ̀ yóò sọ bébà pupa di búlúù.

Ti gáàsì tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá na bébà pupa tó gbẹ sí gáàsì amóníà, ó lè má yí padà, torí pé inú omi ni amóníà ti ń ṣe bí álíkálì. Kọ́kọ́ fi omi mímọ́ rin bébà náà, yóò di búlúù kíákíá. Má ṣe jẹ́ kó kan ẹnu ìgò o, nítorí oje tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lè yí i padà kí gáàsì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.