Àárò Ìyá, Ààrò Ìyá

Ká ní wọ́n fún akéwì kan ní Pẹ́kàmù, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ké ewì lálẹ́ àṣà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni kí ìparí ìlà máa jọra, bíi ti ewì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé. Kò pẹ́ tó fi sú u. Fáwẹ́lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, àìránmúpè inú wọn kò sì ju méje lọ. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn jọra kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ogún, ohun tó bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í dá etí dúró.

Ohùn ló ń dá àrà nínú ewì Yorùbá, èémí ló sì ń gé ìlà. Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1984 bí akéwì ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn òkè ko ohùn ìsàlẹ̀ lójú. Nítorí náà, akéwì wa fa gbogbo rẹ̀ ya, ó tún un kọ:

Mo tan gáàsì, iná aláwọ̀ aró ń jó.
Àárò ìyá mi ń sọ mí.
Ààrò ìyá mi dà?
Líwíṣámù ni mo bí ọmọ sí,
Oníkòyí ni.

Ìlà kejì àti ìkẹta ni ọ̀pá ewì náà. Ohùn kan péré ló yà wọ́n: ọ̀kan jẹ́ ọkàn tó fà sílé, èkejì jẹ́ ibi ìdáná. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, “aaro” lásán ni méjèèjì, ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù yóò sì kà wọ́n bákan náà. Onídùndún ló rọrùn jù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá lù ú tí ìyàtọ̀ kò hàn, akéwì ló ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n ìlù náà ní ibi tó mọ: kò lè ya àárò kúrò lára àárọ̀ ọjọ́, torí ohùn wọn dọ́gba. Gbólóhùn tó yí i ká ni yóò gbà á.

Ìlà tó kẹ́yìn kò fẹ́ ìlù. Oríkì orílẹ̀ kì í béèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Ibi tí ìran ti ṣẹ̀ wá ló ń wò. Oníkòyí pọ̀ tí kò fojú kan Ìkòyí-Ilé rí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni yóò kà á. Wọ́n fi àmì sí i gàdàgbà, ó ka méjèèjì bó ti yẹ, ó wá béèrè pé kí ni ààrò. Ìyá rẹ̀ to agolo tòmátì mẹ́ta sórí tábìlì, ó gbé ìkòkò lé wọn.