Nígbà Tí Làkúrègbé Kì í Ṣe Làkúrègbé: Lúpọ́ọ̀sì Nínú Oríkèé Ọwọ́

Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá jí láàárọ̀ tí ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ tí kò ká, tí ó ní láti ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó lè di ìgbálẹ̀ mú, làkúrègbé ni àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ pè é. Orúkọ náà kò burú, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn baba wa kó gbogbo ìrora oríkèé sí. Ṣùgbọ́n àìsàn méjì tí ó jọra gidigidi lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Èkíní ni làkúrègbé ajẹgungun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rumatọ́ọ̀dì. Èkejì ni lúpọ́ọ̀sì. Nínú àwọn méjèèjì, ọmọ-ogun tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara ni ó yí padà tí ó ń bá ara jà. Oríkèé ni rumatọ́ọ̀dì dojú kọ jù lọ. Lúpọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ lè wà ní oríkèé lónìí, kí ó sì ti máa ba kíndìnrín jẹ́ láìjẹ́ pé kíndìnrín náà dun ẹni rárá. Ìdí nìyí tí mímọ ìyàtọ̀ wọn fi ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí a fi aránṣọ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 29. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí oríkèé ìka àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ń wú, tí wọ́n sì ń gan fún bíi wákàtí kan láràárọ̀. Oògùn ìrora tí ó ń rà ní kẹ́místì ń dẹ̀ ẹ́ lára fún ọjọ́ díẹ̀, ìrora yóò sì tún padà. Ní àárín àkókò náà, irun orí rẹ̀ ń já, egbò tí kò dùn ún sì yọ sí àjà ẹnu rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú rẹ̀ a máa dúdú sí i. Nínú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun, pupa ni àmì ojú yìí, ṣùgbọ́n ní ara aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú tàbí kí ó dà bí àwọ̀ ẹ̀lú, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í fura. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan ni aránṣọ yìí bá dókítà sọ, títí dókítà fi bi í léèrè irun, ẹnu àti oòrùn.

Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó ń sọ. Bí ìka ẹni tí ó ní lúpọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ ti wọ́ síbì kan, ó sábà máa ń nà bí a bá tẹ́ ọwọ́ náà sórí tábìlì, torí pé ìṣù iṣan tí ó di oríkèé mú ni ó dẹ̀. Egungun kò tíì jẹ. Ní ti rumatọ́ọ̀dì tí ó ti pẹ́ láìní ìtọ́jú, ìka tí ó ti wọ́ kì í sábà nà mọ́, àwòrán ẹ́síréè a sì fi ibi tí egungun ti jẹ hàn. Síbẹ̀, ẹ́síréè kò lè dá ẹjọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí egungun rumatọ́ọ̀dì tí kò tíì pẹ́ lè mọ́ bákan náà.

Ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ tirẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń kọ sórí ìwé èsì pé ANA. Ó máa ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí ó ní lúpọ́ọ̀sì, àfi díẹ̀. Bí kò bá sí, ìfura lúpọ́ọ̀sì dínkù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, nítorí ó ń jáde lára àwọn tí ara wọn le pẹ̀lú. Àyẹ̀wò RF ni ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Rumatọ́ọ̀dì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ ó lè jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí lúpọ́ọ̀sì ń ṣe. Èyí tí ó tọ́ka sí rumatọ́ọ̀dì gan-an ni anti-CCP. Èyí tí ó tọ́ka sí lúpọ́ọ̀sì ni anti-dsDNA. A tún máa ń wo C3 àti C4, èròjà tí ara ń ná bí ìjà lúpọ́ọ̀sì bá gbóná, tí wọ́n a sì lọ sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà tí àìsàn méjèèjì ń ṣe pa pọ̀.

Èsì aránṣọ wa jáde báyìí: ANA wà, RF wà díẹ̀, anti-CCP kò sí, anti-dsDNA wà, C3 àti C4 sì lọ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wo RF nìkan, yóò pè é ní rumatọ́ọ̀dì. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù gbé ìlànà máàkì kan jáde fún ìwádìí. Ẹni tí ANA rẹ̀ bá wà ni a ń ka máàkì fún, ó sì gbọ́dọ̀ ní 10 ó kéré tán. Oríkèé rẹ̀ gba 6, anti-dsDNA gba 6, C3 àti C4 tí wọ́n jọ lọ sílẹ̀ gba 4. Irun àti egbò ẹnu wà ní ìsọ̀rí kan náà, nítorí náà 2 péré ni a kà fún wọn. Àpapọ̀ jẹ́ 18, láìtíì ka ti ojú. Dókítà kò dúró lórí máàkì nìkan. Ó ní kí ó mú ìtọ̀ wá, kí wọ́n wò ó bóyá kíndìnrín ń da purotéènì sínú rẹ̀. Ìtọ̀ náà mọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Iṣan ara náà kò gbẹ́yìn. Kí iṣan máa ro ni wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àìlágbára yàtọ̀ sí ìrora. Ẹni tí kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, tàbí tí kò lè gbé apá sókè láti ya irun, yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò CK. Bí CK bá ga, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà máa wú kí ó sì máa bàjẹ́. Bí kò bá ga, tí ẹni náà sì ti ń lo oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́, a ó fura sí oògùn náà.

Oògùn ìpìlẹ̀ fún lúpọ́ọ̀sì ni haidirọ́síkúlórókúìnì, ìbátan kúlórókúìnì tí a fi ń wo ibà láyé àtijọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju mílígíráàmù 5 lọ lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà wọ̀n. Aránṣọ wa wọ̀n kílò 60, nítorí náà 300 ni tirẹ̀. Bí hóró oògùn ṣe jẹ́ 200, dókítà ní kí ó lo ẹyọ kan lónìí, méjì lọ́la. Kì í ṣiṣẹ́ kíákíá. Ó lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Ara lè yún àwọn mìíràn bí kúlórókúìnì ti máa ń ṣe. Ó tún lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, nítorí náà a ń yẹ ojú wò ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún láti ọdún karùn-ún. A kì í dá a dúró nítorí oyún.

Kí oògùn náà tó múlẹ̀, a lè fi pirẹdinísólóònù díẹ̀ tì í lẹ́yìn, kí a sì máa dín in kù títí yóò fi dé 5 lóòjọ́ tàbí kí ó tán. Bí ó bá ti pẹ́ lára, a kì í ṣàdédé dá a dúró. Bí ó bá pọ̀ tí ó sì pẹ́, ó lè pa egungun ìbàdí. Ìrora tuntun ní abẹ́nú itan kì í ṣe ohun tí a ń fi oògùn ìrora bò mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá fara rọ síbẹ̀, mẹtotirẹ́sétì wà, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, tí ẹni tí ó fẹ́ lóyún kò sì gbọ́dọ̀ lò. Bẹlimumábù náà wà fún àwọn tí èyí kò tó fún, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ní oṣù kẹrin, aránṣọ wa ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ láìki ọwọ́ bọ omi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: bí ọwọ́ bá sàn, ó ṣì ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí pé ọwọ́ nìkan ni ó lè fi ìrora pe akíyèsí sí ara rẹ̀.