Ìṣirò Tó Wà Lẹ́yìn Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọdún

Bí Oṣù Kejìlá bá ti wọlé, fóònù àwa tí a fẹ́ràn aṣọ kì í sinmi mọ́. Ẹni tó ta bàtà fún wa lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á rántí wa lórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà la kì í kà dé ìdí. Èyí tó ń tajà nínú wọn kì í sábà gùn, ṣùgbọ́n ìṣirò tó bí i kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kékeré kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin tó ni ín ń ta gáùn àǹkárá ní ₦18,000, gèlè ní ₦6,000 àti pọ́ọ̀sì ní ₦9,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦33,000. Ó fẹ́ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ẹ̀dínwó fún ọdún, ₦27,500 ló sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, torí pé iye náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ₦20,000 ni òun fúnra rẹ̀ fi ra ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báàgì tí yóò kó wọn sí sì tún jẹ́ ₦500. Èrè tó kù kò ju ₦7,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ gáùn nìkan, tó ra ní ₦11,000, ti ń mú ₦7,000 wọlé fún un tẹ́lẹ̀. Á jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́ gbé gèlè àti pọ́ọ̀sì jáde.

Ó gbé e sí ₦29,000. Èrè wá di ₦8,500. Oníbàárà tó jẹ́ gáùn nìkan ló ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ti fi ₦1,500 kún èrè ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pinnu láti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iye wọn ì bá mú ₦13,000 wá. ₦4,500 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí oníbàárà gáùn mẹ́ta kó tó dí ihò tí ẹni kan yìí lù. Ìdí nìyí tó fi dára kí ọjà kan tó ti ń pẹ́ lórí àtẹ wà nínú àpapọ̀ náà, irú èyí tí èèyàn kì í dìídì wá rà. Ní ti ìyá yìí, pọ́ọ̀sì ni.

Ohun tó wá tẹ̀ ránṣẹ́ nìyí:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. \*Gáùn àǹkárá + gèlè + pọ́ọ̀sì: ₦29,000\* (₦33,000 tẹ́lẹ̀). Sáìsì 10 sí 16. Méjìlá péré ló wà. Ó parí ní 20 Oṣù Kejìlá. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó kó tó di ọjọ́ 17. Owó ìfiránṣẹ́ yàtọ̀. Ẹ tẹ GÁÙN àti sáìsì yín.

Iye owó náà ló wà láàárín ìràwọ̀ méjì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp ṣe ń mú ọ̀rọ̀ dúdú. Ó wà lókè pẹ̀lú, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù, WhatsApp á ká ìyókù mọ́ abẹ́ "Read more", ta ló sì ráyè títẹ̀ ẹ́? Ní tèmi, ọlọ́jà tó ní kí n wá béèrè iye ní kọ̀rọ̀ ti ní kí n máa lọ. Ọjọ́ 17 náà kì í ṣe àṣejù: bí Kérésì bá ti ku ọ̀la, ẹrù a máa sùn sí gáréèjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń kọsẹ̀ ni ìfiránṣẹ́ gan-an. Àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní brọ́díkáàsì kì í gbà ju èèyàn 256 lọ. Kálukú á gbà á bí ẹni pé òun nìkan la kọ ọ́ sí, èsì rẹ̀ kò sì ní hàn sí ẹlòmíì. Àmọ́ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà ọlọ́jà pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Bí ìyá wa bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ tó sì wo "Info", yóò rí orúkọ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò yọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tó sì ń lo fóònù rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kó má tíì fi nọ́ńbà náà pamọ́. Ojú kaǹtà ni irú èyí ti ń ní àtúnṣe: kí oníbàárà tó gba ṣéńjì, ní kó kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà náà.

Lẹ́yìn náà ni "ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́" á bẹ̀rẹ̀. Méjìlá ni ọjà. Bí ìlérí bá gba márùn-ún nínú rẹ̀, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ á bá àtẹ tó ti ṣófo. Ìyá yìí máa ń fún wọn títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, bí owó kò bá sì wọ àkáǹtì, á gbé e fún ẹni tó kàn.